Bọ́ǹdì Agbaṣẹ́ṣe: Ohun Tí Adójútòfò Ń Wá Kó Tó Ṣe Onídùúró

Bọ́ǹdì ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ń ṣe onídùúró fún agbaṣẹ́ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: agbaṣẹ́ṣe, ẹni tó ni iṣẹ́, àti adójútòfò tó dúró láàárín wọn. Bí agbaṣẹ́ṣe bá gba owó tó sì pa iṣẹ́ tì, ọ̀dọ̀ adójútòfò ni ẹni tó ni iṣẹ́ yóò lọ, yóò sì gba iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ètò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó bá dúró fún ayáwó mọ̀ pé bí ayáwó bá sá lọ, ẹnu ọ̀nà òun ni olówó ń bọ̀.

Owó tí agbaṣẹ́ṣe ń san fún ìwé yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé ó rí bíi ti ìdójútòfò ọkọ̀, pé ẹni tó ti sanwó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ti ọkọ̀, adójútòfò mọ̀ pé àwọn oníbàárà kan yóò kó sí ìjàǹbá láàárín ọdún, ó sì ti ṣírò àdánù yẹn mọ́ owó tó gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Nínú ti bọ́ǹdì, kò retí pé òun yóò san kọ́bọ̀. Kó tó fọwọ́ sí i, agbaṣẹ́ṣe ti fọwọ́ sí ìwé mìíràn fún un pé ohunkóhun tó bá san, títí kan owó lọ́yà, òun agbaṣẹ́ṣe yóò san án padà. Ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò ni ẹni tó ni iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ló jẹ gbèsè.

Ìdí nìyẹn tí adójútòfò fi ń yẹ agbaṣẹ́ṣe wò bí báńkì ṣe ń yẹ ayáwó wò. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ó gba náírà méjì lórí náírà ọgọ́rùn-ún láti dúró fún mílíọ̀nù 72 náírà, ohun tó wọlé fún un kò ju mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 440 lọ. Bí wọ́n bá wá gba mílíọ̀nù 72 náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó àádọ́ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2007 tó de ọjà rírà àti iṣẹ́ gbígbé jáde ní àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ló sọ bọ́ǹdì di ọ̀ranyàn lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Apá 35 rẹ̀ sọ pé wọ́n lè fún agbaṣẹ́ṣe ní owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní mobiláísẹ́ṣọ̀n, tí kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ bí òfin náà ṣe kọ ọ́, bí ó bá lè mú ìwé ìdúró wá láti báńkì, tàbí láti ọ̀dọ̀ adójútòfò fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn agbaṣẹ́ṣe abẹ́lé nìkan ló ń dù ú. Apá 36 tún béèrè ìdúró kejì, èyí tó wà fún ṣíṣe iṣẹ́ náà parí bí àdéhùn ṣe wí. Ìdúró kejì yìí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́, tàbí iye owó ìbẹ̀rẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe béèrè. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọn yóò mú.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń bá agbaṣẹ́ṣe lábo. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn gba iṣẹ́ ọ̀nà àti gọ́tà lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ní mílíọ̀nù 480 náírà, oṣù mẹ́wàá sì ni wọ́n fún un. Owó ìbẹ̀rẹ̀ tó béèrè jẹ́ ìdá 15, ìyẹn mílíọ̀nù 72. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ìdúró fún ìparí iṣẹ́ yóò jẹ́ ìdá 10, ìyẹn mílíọ̀nù 48. Ṣùgbọ́n 72 ju 48 lọ, nítorí náà mílíọ̀nù 72 ni òfin béèrè níbẹ̀ pẹ̀lú. Àròpọ̀ ohun tó ń bẹ adójútòfò pé kó dúró fún di mílíọ̀nù 144. Ẹni tó bá kọ mílíọ̀nù 120 sínú lẹ́tà rẹ̀ ti fi hàn látìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ka àdéhùn òun.

Lẹ́tà ìbéèrè kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó dára máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, báyìí: “A ń béèrè ìwé ìdúró méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mílíọ̀nù 72 náírà, ọ̀kan fún owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èkejì fún ìparí iṣẹ́, lórí iṣẹ́ ọ̀nà àti gọ́tà tí lẹ́tà ìgbàṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé yìí. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa láti kó wọn sílẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 21 sí ọjọ́ tí a gba lẹ́tà náà.” Àwọn ìwé tó máa ń tẹ̀ lé e ni lẹ́tà ìgbàṣẹ́ fúnra rẹ̀, àdéhùn, ìwé tó ka iṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀, ètò iṣẹ́ láti oṣù dé oṣù, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, ìpinnu àwọn olùdarí pé kí wọ́n béèrè ìdúró yìí, àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí, àti ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà bọ́ǹdì tí àjọ náà fẹ́ kún un, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè yí ìpinnu adójútòfò padà.

Ìwé ìṣirò owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí, ibi tí wọ́n sì ń pẹ́ sí jù nìyẹn. Èrè kọ́ ni wọ́n ń wá. Agbaṣẹ́ṣe lè jèrè lórí ìwé kó má sì ní owó tí yóò fi ra sìmẹ́ńtì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni owó ìṣiṣẹ́. Wọ́n á ka owó tó wà lọ́wọ́ àti èyí tó yẹ kó wọlé láàárín ọdún kan, wọ́n á sì yọ gbèsè tó yẹ kí wọ́n san láàárín ọdún náà kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni agbára tí agbaṣẹ́ṣe ní láti gbé iṣẹ́ títí ìjọba yóò fi sanwó.

Nínú ìwé ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn yìí, mílíọ̀nù 31 wà ní báńkì, àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 118, ohun èlò tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí sì tó mílíọ̀nù 9. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 158. Ní apá kejì, ó jẹ àwọn tó ń tà á lọ́jà ní mílíọ̀nù 64, ó jẹ báńkì ní mílíọ̀nù 22, owó orí tí kò tíì san sì jẹ́ mílíọ̀nù 6. Àpapọ̀ gbèsè náà jẹ́ mílíọ̀nù 92. Owó ìṣiṣẹ́ lórí ìwé jẹ́ mílíọ̀nù 66. Ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí i, kò sì sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní gba mílíọ̀nù 66 yẹn bẹ́ẹ̀. Yóò béèrè orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù 118 náà àti ọjọ́ tí gbèsè kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Àlàyé tí kì í hàn lójú ìwé máa ń wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ìjọba ìbílẹ̀ kan ni ó jẹ mílíọ̀nù 45 nínú rẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún méjì. Ó tún rí mílíọ̀nù 14 tí wọ́n kọ pé olùdarí àgbà jẹ ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀. Gbèsè ọlọ́dún méjì kò ní ra òkúta lóṣù tó ń bọ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ olùdarí ńkọ́? Olùdarí ló mọ ìgbà tí yóò dá a padà, bí yóò bá dá a padà rárá. Adójútòfò yọ méjèèjì kúrò, mílíọ̀nù 66 sì di mílíọ̀nù 7.

Kò tíì parí síbẹ̀. Ìwé tí agbaṣẹ́ṣe kì í fẹ́ mú wá ló tún kù, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé yìí, ó gbọ́dọ̀ kọ iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un, iye tó rò pé yóò ná an láti ṣe é tán, iye tó ti ná títí di òní, àti iye tó ti gbà. Ilé-iṣẹ́ wa yìí ní iṣẹ́ ilé-ìwé kan lọ́wọ́. Mílíọ̀nù 200 ni wọ́n gbé e fún un, ó rò pé òun yóò fi mílíọ̀nù 160 ṣe é, ó sì ti ná mílíọ̀nù 120. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìnáwó ti lọ, nítorí náà iṣẹ́ tó ti ṣe tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mílíọ̀nù 200, ìyẹn mílíọ̀nù 150. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 170 ló ti gbà.

Agbaṣẹ́ṣe yóò máa yọ̀ pé òun ti gba owó ju iṣẹ́ lọ. Lójú adójútòfò, ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Mílíọ̀nù 20 tó gbà ṣáájú jẹ́ gbèsè, nítorí iṣẹ́ ló fẹ́ fi san án, wọn kò sì kọ ọ́ sí apá gbèsè nínú ìwé. Mílíọ̀nù 30 péré ló kù tí yóò gbà lórí ilé-ìwé náà, mílíọ̀nù 40 ni yóò sì ná láti parí rẹ̀. Níbo ni mílíọ̀nù 10 tó kù yóò ti wá? Bí mílíọ̀nù 72 ìjọba bá wọ àpò kan náà, ibẹ̀ ni yóò ti wá. Àwọn tó ń tà á lọ́jà náà ń retí owó tiwọn. Kó tó di pé kátapílà dé ojú ọ̀nà, ìdajì owó ìbẹ̀rẹ̀ lè ti lọ sórí òrùlé ilé-ìwé àti gbèsè irin. Báyìí ni iṣẹ́ ọ̀nà ṣe ń di àpatì láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ jalè. Agbaṣẹ́ṣe ń fi owó iṣẹ́ tuntun parí ti àtijọ́, ó sì ń retí iṣẹ́ mìíràn tí yóò fi parí èyí tuntun. Títí dìgbà tí iṣẹ́ kò bá wá mọ́, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Nígbà tí wọ́n bá yọ mílíọ̀nù 20 yìí kúrò nínú mílíọ̀nù 7, owó ìṣiṣẹ́ ti lọ sí ìsàlẹ̀ òdo pẹ̀lú mílíọ̀nù 13. Ilé-iṣẹ́ kan náà, ìwé kan náà.

Àwọn àlàyé nípa iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ náà ní ohun tí ojú ń wá. Wọ́n máa ń béèrè iye tí ẹni tó ṣe ìkejì nínú ìdíje iṣẹ́ náà dá. Bí ẹni kejì bá dá mílíọ̀nù 498 níbi tí ẹni àkọ́kọ́ ti dá 480, ọkàn balẹ̀. Bí ó bá dá 600, ó ṣeé ṣe kí agbaṣẹ́ṣe ti gbàgbé nǹkan kan nínú ìṣirò rẹ̀, òun àti onídùúró rẹ̀ ni yóò sì jọ mọ ohun náà nígbà tó bá yá. Wọ́n ń wò ó bóyá owó iṣẹ́ náà wà nínú ìṣúná ọdún yẹn, nítorí ìjọba tí kò sanwó lè sọ agbaṣẹ́ṣe gidi di ẹni tó pa iṣẹ́ tì. Wọ́n tún ń wo ètò iṣẹ́ pẹ̀lú kàlẹ́ńdà òjò. Ètò ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn yìí fi gbígbẹ́ ilẹ̀ àti dída yanrìn pupa sí oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni tó ti tẹ ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lóṣù keje mọ̀ pé ilẹ̀ tútù kì í gbà kí rólà ki í dáadáa. Adájútòfò ní kí wọ́n tún ètò náà tò, kí wọ́n fi gọ́tà kọnkéré ṣáájú, kí yanrìn dúró di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ inú bọ́ǹdì ni wọ́n ń kà kẹ́yìn, wọ́n sì ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Irú kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé agbaṣẹ́ṣe kùnà àti iye tí òun pàdánù. Irú kejì, tí òfin 2007 fẹ́ fún owó ìbẹ̀rẹ̀, kò ní kání nínú. Bí lẹ́tà àjọ náà bá ti dé pé kí wọ́n sanwó, owó ni wọn yóò san, kí ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e. Adójútòfò tó bá fọwọ́ sí irú kejì yìí kò ní àyè láti bèèrè ẹ̀bi ẹni tó jẹ́, ìdí sì nìyẹn tó fi ń di agbaṣẹ́ṣe mú ṣinṣin ṣáájú.

Pẹ̀lú owó ìṣiṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ òdo, ìdáhùn àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn yóò gbà ni pé rárá. Èyí kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ bí agbaṣẹ́ṣe bá mọ ohun tó fa rárá náà. Olùdarí lè dá mílíọ̀nù 14 tó mú padà, kí ìwé báńkì sì fi hàn pé ó wọlé. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá san mílíọ̀nù 20 nínú 45 tó jẹ, ìyẹn náà yóò wọ ìṣirò. Mílíọ̀nù 34 tó wọlé báyìí yóò gbé owó ìṣiṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ òdo dé mílíọ̀nù 21. Kò pọ̀ fún iṣẹ́ mílíọ̀nù 480. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ọdún 1935 kan ti sọ ìwé ìdúró di dandan lórí iṣẹ́ ilé àti ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, àwọn onídùúró sábà máa ń fẹ́ kí owó ìṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá lo òṣùwọ̀n yẹn níbí, mílíọ̀nù 21 kò dé ìdajì ohun tó yẹ.

Àlàfo náà ni àwọn kání adójútòfò wà fún. Wọ́n lè ní kí owó ìbẹ̀rẹ̀ wọ àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe kò lè dá fa owó yọ nínú rẹ̀, kí aṣojú adójútòfò máa fọwọ́ sí ìwé sọwédowó pẹ̀lú rẹ̀, kó sì máa rí ìwé ọjà tí wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n lè ní kí àjọ tó gbé iṣẹ́ jáde kọ̀wé pé báńkì kan ṣoṣo yẹn ni òun yóò máa san gbogbo owó iṣẹ́ náà sí. Àwọn olùdarí yóò fọwọ́ sí ìwé pé dúkìá tiwọn náà wà nínú ìdúró yìí, yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́, wọ́n sì lè fi ìwé ilé tàbí ìwé ilẹ̀ dógò. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń bí agbaṣẹ́ṣe nínú jù, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, àkáǹtì ọ̀tọ̀ ló wúlò jù. Ilé tí wọ́n fi dógò kò lè dá iṣẹ́ tó ti bàjẹ́ dúró, owó ìbẹ̀rẹ̀ tó dúró lórí iṣẹ́ tí wọ́n fún un fún ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́ rárá. Owó ìwé ni wọn yóò san kẹ́yìn, bọ́ǹdì kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ títí wọn yóò fi san án. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìdá méjì lórí mílíọ̀nù 144 jẹ́ mílíọ̀nù 2 àti ẹgbẹ̀rún 880.

Kí àjọ tó gba bọ́ǹdì lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ó yẹ kó kọ̀wé sí orí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tààrà láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, kó má sì gba èsì náà láti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe tàbí alágbàtà. Ìwé ìdúró ayédèrú kò wọ́n, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ti tó láti tú u fó.

Ìdúró méjèèjì kì í dínkù bákan náà bí iṣẹ́ ti ń lọ. Nínú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí àjọ bá fi sanwó, yóò yọ ìdá 15 láti fi gba owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí iṣẹ́ mílíọ̀nù 240 bá ti gba ẹ̀rí, mílíọ̀nù 36 ti padà, ewu adójútòfò lórí ìdúró àkọ́kọ́ sì ti di mílíọ̀nù 36. Ìyẹn bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá sọ pé yóò máa dínkù. Bí wọ́n bá gbàgbé gbólóhùn yẹn, àjọ lè béèrè mílíọ̀nù 72 lódindi lórí owó tó ti gba ìdajì rẹ̀ padà. Ìdúró fún ìparí iṣẹ́ ní tirẹ̀ kì í dínkù. Mílíọ̀nù 72 ni yóò jẹ́ títí dé ọjọ́ tí wọ́n bá gba iṣẹ́.

Ọjọ́ tí ìwé náà yóò kú tún ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá lè di oṣù mẹ́rìnlá, bọ́ǹdì tí wọ́n kọ fún ọdún kan yóò sì parí nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá ń sún mọ́lé, àjọ máa ń kọ̀wé sí adójútòfò pé kó fa ọjọ́ gùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó sanwó. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ti rí i lóṣù kẹjọ pé òun kò ní parí lásìkò gbọ́dọ̀ tètè sọ fún onídùúró rẹ̀, kó sì múra láti san owó ìwé fún àfikún oṣù náà. Ẹni tó bá dákẹ́ títí lẹ́tà àjọ fi dé ti fi onídùúró rẹ̀ sínú ìyàlẹ́nu, kò sì ní rọrùn fún un láti rí ìdúró gbà níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìwé bọ́ǹdì gan-an ni agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ gbà padà lọ́wọ́ àjọ, kó sì dá a padà fún adójútòfò pẹ̀lú ìwé pé wọ́n ti gba iṣẹ́. Títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ilẹ̀ tó fi dógò ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, mílíọ̀nù 72 náà ṣì wà lórúkọ rẹ̀, wọn yóò sì kà á mọ́ ọn nígbà tó bá wá béèrè ìdúró fún iṣẹ́ mìíràn.